Bí tòlótòló bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ṣé àkókò yíyan rẹ̀ náà á di méjì?

Láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, bí Kérésì bá ti ń súnmọ́, àwọn tó ní ófùnù nílé a máa fi kílò ṣírò: ìṣẹ́jú 40 fún kílò kan. Bí tòlótòló kílò 3 bá gba wákàtí 2, wọ́n á ní ti kílò 6 gbọ́dọ̀ gba wákàtí 4. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10 ló máa gbà, ohun tó bá sì lé sí i, ẹran àyà ló ń gbẹ.

Ẹ wo bó ṣe rí. Láti ìta ẹran ni ooru ti ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń dé àárín, nítorí náà bí ẹran ṣe nípọn tó ló ń pinnu àkókò. Tòlótòló kílò 6 ga ju ti kílò 3, ó gùn jù ú, ó sì fẹ̀ jù ú. Ìwúwo tó lé ti pín sí gbogbo ìhà wọ̀nyí, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló fi nípọn ju ti kílò 3 lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí ooru máa rìn bá di ìlọ́po 2, àkókò á di ìlọ́po 4. Ìdí nìyẹn tí ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn fi ń fi nǹkan bí 60 nínú 100 kún àkókò.

Ibi tó ti léwu jù ni kí a máa pín in. Ẹni tó mọ̀ pé ti kílò 6 gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10, tó wá ra ti kílò 3, á gbé e kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 95. Ìta rẹ̀ á ti pọ́n dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ egungun itan lè má tíì jinná.

Ófùnù náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá yan tòlótòló ní 160°C dípò 180°C, ẹ má ṣe fi 160 pín 180. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ófùnù àti ooru ẹran ló ń ti ooru wọlé. Ẹran á bẹ̀rẹ̀ ní bíi 25°C, á parí ní 74°C, ẹ fi 50 ṣe àárín. Ìyàtọ̀ náà á jẹ́ 130 àti 110; ẹ fi 110 pín 130, wákàtí 2 á sì di bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20. Ìfojúdá ni o, nítorí bọ́tìnì ófùnù gáàsì kì í sábà sọ òótọ́.

Ìṣirò yìí kò bá ẹran gígùn mu. Bí ẹran màlúù tí kò ní egungun bá gùn ní ìlọ́po 2 ṣùgbọ́n tí kò nípọn sí i, àkókò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tòlótòló tí wọ́n ki nǹkan sí nínú náà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún kílò 6, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40: ẹ ti tẹmọ́mítà ẹran bọ ibi tí itan ti nípọn jù, kó má kan egungun. Bó bá ti ka 74°C, ẹ gbé e jáde.