Ìpàdé márùn-ún, yàrá mélòó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé kan tó ń fi yàrá ìpàdé háyà ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìpàdé márùn-ún la ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀: 9:00 sí 10:30, 9:30 sí 11:00, 10:00 sí 12:00, 10:30 sí 11:30, àti 11:00 sí 1:00. Ti 10:00 yẹn forí gbárí pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yòókù. Ṣé yàrá márùn-ún ni mo máa wá nìyẹn? Ọ̀gá wa ní kí n to àkókò ìbẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, kí n to ti ìparí lọ́tọ̀. Ṣé ìyẹn ò ní da ìpàdé ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì?

Ìdáhùn: Mẹ́ta péré. Lóòótọ́ ni ìpàdé 10:00 kan gbogbo àwọn yòókù, àmọ́ wọn ò kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wọlé ní 9:00 ti jáde kí àwọn ti 11:00 tó dé. Iye ìpàdé tó ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò kan náà ni kẹ́ ẹ kà. Ibi tó bá ti pọ̀ jù lọ ni iye yàrá yín.

Ìdàpọ̀ tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Kọ̀ndọ́ danfó ní Ojúẹlẹ́gba kì í béèrè ibi tí ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ ti wọkọ̀. Ó rí i pé ìjókòó kan ti ṣófo, ó parí.

Ẹ to ìbẹ̀rẹ̀: 09:00, 09:30, 10:00, 10:30, 11:00. Ẹ to ìparí: 10:30, 11:00, 11:30, 12:00, 13:00. (Bẹ́ ẹ bá kọ aago kan ọ̀sán sí 1:00, kọ̀ǹpútà á tì í síwájú pátápátá.) Títí di 10:00, ẹnikẹ́ni ò tíì jáde, nítorí náà yàrá mẹ́ta ti kún. Ní 10:30, ìparí àkọ́kọ́ pé: yàrá kan ṣófo, ó ku méjì, ìpàdé tuntun wọlé, ó tún di mẹ́ta. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní 11:00. Kò sí ìgbà tó ju mẹ́ta lọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe ni 10:30 yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹni tó ń jáde kẹ́ ẹ tó ka ẹni tó ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, `ipari <= ibere` ni, kì í ṣe `ipari < ibere`. Bẹ́ ẹ bá lo èkejì, mẹ́rin ló máa jáde, ẹ ó sì sanwó yàrá tí kò ní wúlò.

Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú yàrá léèrè ná. Bí wọ́n bá nílò ìṣẹ́jú 15 láti gbálẹ̀, ẹ fi 15 kún ìparí kọ̀ọ̀kan. Yàrá àkọ́kọ́ ò ní ṣófo títí di 10:45, nítorí náà ìpàdé 10:30 á fẹ́ yàrá kẹrin, mẹ́rin sì ni ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà yìí ò sọ ẹni tó máa wọ yàrá wo. Fún ìyẹn, ẹ padà sí orúkọ àwọn oníbàárà, ẹ tẹ̀lé àkókò ìbẹ̀rẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó bá dé ní yàrá èyíkéyìí tó ṣófo. Iye tẹ́ ẹ ti ṣírò á ká gbogbo wọn.