Ìdí tí lẹ́jà àti sítétímẹ́ǹtì báǹkì kì í fi í dọ́gba, àti bí a ṣe ń wá ibi tó ti yà

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì kan n'Íbàdàn, ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2025. Lẹ́jà, ìyẹn ìwé owó tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń kọ, tí wọ́n fà jáde láti inú kọ̀ǹpútà ní ₦842,300 ló wà ní báǹkì. Sítétímẹ́ǹtì ní ₦910,770 ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦68,470. Bí èèyàn bá wá iye yìí látòkè délẹ̀ nínú ìwé méjèèjì, kò ní rí i, torí nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló para pọ̀ di i.

Kí a tó fi ìlà kan wé ìkejì, a ní láti jẹ́ kí ìwé méjèèjì máa sọ èdè kan náà. Owó tó wọlé ni báǹkì ń pè ní kírẹ́dìtì, torí gbèsè tí báǹkì jẹ oníṣọ́ọ̀bù ni. Dẹ́bìtì ni lẹ́jà ń pe owó yẹn kan náà. Nítorí náà, a máa ń pa òpó dẹ́bìtì àti ti kírẹ́dìtì inú ìwé kọ̀ọ̀kan pọ̀ di ọ̀kan: ohun tó wọlé kò ní àmì, ohun tó jáde ní àmì ìyọkúrò. A sì ń yọ àmì kọ́mà kúrò nínú iye owó, torí kọ̀ǹpútà lè ka "154,000.00" sí ọ̀rọ̀ lásán dípò iye.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Bí oníbàárà mẹ́ta bá san ₦25,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a bá kàn ń béèrè pé "ṣé ₦25,000 wà ní báǹkì?", "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn yóò jẹ́ fún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ní láti fún ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìkíní bá ìkíní, kí ìkejì bá ìkejì, kí ìkẹrin sì dá wà. Nínú Excel, bí iye owó lẹ́jà bá wà ní òpó B, tí ojú ewé kejì, ti báǹkì, sì ń jẹ́ Banki, tí a sì ṣe òpó C bákan náà níbẹ̀:

```
C2:  =B2&"|"&COUNTIF(B$2:B2,B2)
D2:  =COUNTIF(Banki!C:C,C2)
```

Ìlà tí òpó D rẹ̀ jẹ́ 0 kò ní ẹnìkejì. A óò tún yí i po, ká fi ti báǹkì wá ti lẹ́jà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù wa yìí, ìwọ̀nba ìlà ló ṣẹ́ kù. Ní ti báǹkì: ₦18,500 tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́ ní alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi rí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìlà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí báǹkì fi gba owó tirẹ̀, àti ₦154,000 tó jáde. Ní ti lẹ́jà: sọ̀wédowó ₦60,000 tí ẹni tó gbà á kò tíì lọ gba owó rẹ̀, àti ₦145,000 tó jáde.

Ẹ wo ₦154,000 àti ₦145,000 yẹn dáadáa. Owó tí a kọ ṣì kì í fara hàn bí àṣìṣe kan. Ìlà méjì tó dá wà ni, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọjọ́ wọn sún mọ́ra, orúkọ ẹni tí a sanwó fún sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wọn, ₦9,000, ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí nígbàkígbà tí ọwọ́ bá yí ipò nọ́ńbà méjì padà. Ẹni tó kánjú yóò kọ ₦154,000 sínú lẹ́jà gẹ́gẹ́ bí owó tuntun, yóò sì fi ₦145,000 sílẹ̀ bí ohun tí báǹkì kò tíì san. Ìwé yóò dọ́gba, irọ́ ni yóò sì jẹ́.

Ti owó báǹkì, ẹ kà á: ìgbà mẹ́jọ tí owó tó ju ₦50,000 jáde, ₦50 pẹ̀lú ₦3.75 owó orí VAT, àpapọ̀ ₦430. Ìgbà méjìlá tí ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wọlé, ₦50 lọ́kọ̀ọ̀kan fún EMTL, owó tí ìjọba ń gbà lórí owó tó bá wọlé nígbà yẹn, àpapọ̀ ₦600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,030.

Ó kù ká tún un ṣe. Lẹ́jà: ₦842,300, ká fi ₦18,500 kún un, ká yọ ₦1,030 àti ₦9,000 kúrò, ó di ₦850,770. Báǹkì: ₦910,770, ká yọ ₦60,000 kúrò, ó di ₦850,770. Àtúnṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni a ń kọ sínú lẹ́jà. Ti sọ̀wédowó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọgbọ́n nọ́ńbà yìí kò wo orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ọjọ́. Bí akọ̀wé bá ka ₦25,000 ẹnì kan sí ẹlòmíràn lọ́rùn, gbogbo nǹkan yóò dọ́gba, ẹni tó ti sanwó ni wọ́n á sì máa pè fún gbèsè. Nítorí náà ni a fi ń fi ojú ka orúkọ níbi tí iye kan bá ti wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Sọ̀wédowó ₦60,000 yẹn náà, inú sítétímẹ́ǹtì oṣù kẹrin la ó ti kọ́kọ́ wá a. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá láti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, báǹkì kò ní san án mọ́, a óò sì ní láti dá owó náà padà sínú lẹ́jà, ká sì pe ẹni tí a jẹ.