Mo jẹun tán, ṣúgà tún wálẹ̀: kí ló dé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà, ínsúlíìnì ni mò ń gún. Báyìí, mi ò tíì jẹ dé ìdajì àwo tí inú mi á ti kún, á wú, èébì á máa gbé mi fún wákàtí mélòó kan. Ṣúgà mi á tún wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tó bá dòru á ga. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó jọ pé àpòlúkù yín ni ò tètè tú oúnjẹ sílẹ̀ mọ́, gásítíròparésísì làwọn dókítà ń pè é. Iṣan kan wà tó ti ọpọlọ wá, fégọ́ọ̀sì, òun ló ń sọ fún àpòlúkù pé kó lọ oúnjẹ kó tì í wọ ìfun. Tí ṣúgà bá ti ga fún ọ̀pọ̀ ọdún ó máa ń ba iṣan yẹn jẹ́, oúnjẹ á wá jókòó síbẹ̀, nígbà míì ẹ á bì í lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ á sì rí i pé kò tíì dà.

Ti ṣúgà yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ká ní ẹ gún ínsúlíìnì tó ń yá ṣiṣẹ́ ní aago 7 alẹ́, ẹ sì jẹun lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi máa di aago 8 ààbọ̀ ínsúlíìnì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi, àmọ́ oúnjẹ ṣì wà nínú àpòlúkù, mítà á wá ka 60, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ní aago 1 òru, oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìfun, ínsúlíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mítà á ka 280. Ṣúgà tó ga yẹn náà tún ń mú kí àpòlúkù fà sẹ́yìn sí i. Ẹ má torí ẹ̀ dín ínsúlíìnì kù fúnra yín o, ẹ kọ àkókò oúnjẹ, àkókò abẹ́rẹ́ àti ohun tí mítà kà sílẹ̀ lọ bá dókítà, ó lè ní kẹ́ ẹ máa gún un lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ṣúgà bá wálẹ̀, ohun olómi tó ládùn ni kẹ́ ẹ mu, torí omi máa ń yára kọjá ju oúnjẹ líle lọ.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú yín bóyá nǹkan dí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún yín lóúnjẹ tó ní èròjà tí ẹ̀rọ lè rí, wọ́n á máa ya fọ́tò ẹ̀ fún wákàtí 4, tó bá ṣẹ́ kù ju ìdá 10 nínú 100 lọ, òun náà nìyẹn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún wọn, torí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tó ń jẹ́ sẹmaglutáìdì àti oògùn ìrora tó lágbára bíi mọfíìnì lè fa irú ẹ̀.

Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà 5 tàbí 6 lóòjọ́, tó rọ̀, tí ò lọ́ràá, máa ń tètè kọjá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀fọ́ tútù àti èso olókùn tí wọ́n ti ń sọ pé ó dáa fún yín lè di ìdì sínú àpòlúkù báyìí. Tẹ́ ò bá lè gbé omi pàápàá dúró nínú, tàbí ẹ bì tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.