Ṣánẹ́ẹ̀lì tó dákẹ́ lẹ́yìn òkè Ìdànrè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní ìhà Ìdànrè. Wọ́n ní rédíò kan wà tó lè fi ṣánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò lò gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ wa. Tó bá ti tẹ́tí tí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣé kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn? Kí ló dé tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ?

Ìdáhùn: Tíṣà, kò lè bẹ̀rẹ̀. Òkè tó wà níwájú yín gan-an ló fà á.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń wá àwòrán tẹlifíṣọ̀n nílé. Ẹnì kan á di ọ̀pá ẹ́ríà mú níta, á máa yí i díẹ̀díẹ̀; ẹlòmíì á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Kò tíì dé! Ó ti dé! Ó tún ti lọ!" Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi so ẹ́ríà nílùú Àkúrẹ́ kí n tó bọ́ sídìí rédíò. Mo ti rí i lójú ara mi pé ṣánẹ́ẹ̀lì kan lè mọ́ kedere lórí òrùlé, kó má sì sí rárá ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà. Ní Ìdànrè, níbi tí àpáta ti dúró bí ògiri, ìyẹn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣánẹ́ẹ̀lì 30 ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o, n kò sọ pé ilé iṣẹ́ kan báyìí ló ni ín. Níbi tí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá ti fẹ̀ tó mẹ́gáhẹ́tísì 8, bíi tiwa, 30 bẹ̀rẹ̀ láti 542, ó sì parí sí 550. Ká ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ń lò ó láti Àkúrẹ́. Bàbá kan kọ́lé sí èjìká òkè, níbi tó ti rí ọ̀nà Àkúrẹ́ lápá kan, tó sì ń wo òrùlé ilé-ìwé yín nísàlẹ̀ lápá kejì. Ó gbé ẹ́ríà sórí ọ̀pá gígùn, ó ń wo ìròyìn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin wà ní kòtò lẹ́yìn àpáta, kìlómítà méjì péré sí i.

Kí ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ yín, àpáta lè ti gé agbára rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 1,000. Rédíò yín tún wà nísàlẹ̀ láàárín igi kòkó àti ògiri, kò sí lórí ọ̀pá. Ìyẹn náà lè gé e kù sí ìdá kan nínú 100. Ẹ so méjèèjì pọ̀: ohun tó kàn yín jẹ́ ìdá kan nínú 100,000 ohun tó dé orí òrùlé bàbá. Rédíò yín tẹ́tí, kẹ́kẹ́ pa. Ó ní ibẹ̀ ṣófo, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpáta tó dí i létí kò sí láàárín òun àti bàbá. Ohùn rẹ̀ lọ tààrà sínú ẹ́ríà bàbá, ìròyìn bá já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó nìyí: ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ni rédíò lè gbọ́, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ilé iṣẹ́ yẹn ni ìdíwọ́ ń bá. Tẹlifíṣọ̀n bàbá kì í sọ̀rọ̀. Kò sí etí tó mú tó tó láti gbọ́ ẹni tó dákẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti mú kí etí rédíò mú sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2008 ní kí rédíò lè gbọ́ ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó rẹ̀ dé ìwọ̀n -114 dBm. Ìyẹn kéré sí ariwo tí ooru lásán ń dá sílẹ̀ nínú ṣánẹ́ẹ̀lì wọn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Ó ṣeé ṣe, tí rédíò bá tẹ́tí pẹ́ tó sì mọ irú ohùn tó ń wá, àmọ́ wàhálà mìíràn dé: etí tó mú tó bẹ́ẹ̀ á máa gbọ́ ohun tí kò sí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ṣájà olówó pọ́ọ́kú á jọ tẹlifíṣọ̀n lójú rẹ̀, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì á sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ń lò ó. Nígbà tó di 2010, wọ́n yọ títẹ́tí kúrò ní dandan fún rédíò tó bá mọ ibi tó wà, tó sì ń gbàṣẹ lọ́wọ́ àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó mọ ṣánẹ́ẹ̀lì tó ṣófo níbi kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Joseph Mitola, tó gbé orúkọ irú rédíò olóye yìí jáde ní 1999, kò ní etí nìkan lọ́kàn. Ó fẹ́ rédíò tó mọ ibi tó dúró àti ohun tó yí i ká.

Ìbéèrè: Rédíò tó ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì, ibo ló ti máa rí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa fi gbàṣẹ?

Ìdáhùn: Kì í ṣe rédíò ilé-ìwé ló ń béèrè. Rédíò ọ̀gá kan wà níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà tẹ́lẹ̀, ká ní lórí máàsì kan lọ́nà Àkúrẹ́. Òun ló ń sọ fún àkọsílẹ̀ pé, "Ibi tí mo wà rèé, bí ẹ́ríà mi ṣe ga rèé, irú ẹ̀rọ tí mo jẹ́ rèé." Àkọsílẹ̀ ti mọ ibi tí gbogbo máàsì tẹlifíṣọ̀n wà, agbára wọn àti bí ilẹ̀ ṣe rí. Á ṣírò ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dé, títí kan èjìká òkè bàbá, á wá dá èsì padà: ṣánẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè lò, agbára tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí àṣẹ náà máa parí. Àṣẹ yẹn ní ọjọ́ orí. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2010 ní kí rédíò irú èyí máa tún béèrè, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Tí àsìkò bá pé tí kò rí èsì gbà, kó dákẹ́.

Rédíò tiyín kàn ń tẹ́tí ni. Kò gbọdọ̀ la ẹnu títí ọ̀gá á fi pè é tó sì sọ ṣánẹ́ẹ̀lì tó máa bá a lò.

Ìbéèrè: Ṣé àkọsílẹ̀ kì í ṣì wá lọ́nà?

Ìdáhùn: Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá gbé máàsì kúrò tí ẹnikẹ́ni ò sì tún un kọ, irọ́ ni àkọsílẹ̀ á máa pa. Nílẹ̀ wa, àjọ NBC ló ń fún tẹlifíṣọ̀n níwèé àṣẹ, àjọ NCC ló sì ń mójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ohun tí ọ̀kan mọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ èkejì. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni maikirofóònù aláìlókùn. Ọ̀pọ̀ èyí tí alága ìdúró fi ń sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó, àárín ṣánẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Bí bàbá orí òkè bá wá fẹjọ́ sùn, ẹ bi í bí àwòrán ṣe bàjẹ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ á máa fi ìlà àti òjò hàn. Ti ìgbàlódé kì í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀: á fọ́ sí igun-igun, á dúró gbagidi, ojú á wá ṣú. Àmọ́ ìjì tó yí ẹ́ríà lè fa irú èyí pẹ̀lú, nítorí náà ẹ dán an wò. Kí ẹnì kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ pa rédíò ilé-ìwé fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún tàn án. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tí àwòrán bá ń padà nígbà gbogbo tí ẹ bá pa á, tó sì ń lọ nígbà gbogbo tí ẹ bá tàn án, rédíò ni. Ẹ kọ aago àti ṣánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Á yọ ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò fún àdúgbò yín, rédíò ọ̀gá á sì kó lọ sórí òmíràn nígbà tó bá tún lọ gbàṣẹ.