Iṣẹ́ dúró, ọwọ́ mi kò sì tó ohun tó dá a dúró: ìgbà wo ni kí n lọ bá ọ̀gá?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní kí n mú ìjábọ̀ ọjà tí a tà láàárín oṣù mẹ́ta wá ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Fáìlì oṣù kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀ka ìṣirò owó, wọn ò sì tíì ṣí i fún mi. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rò pé mi ò mọ iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ ṣòfófó ẹnikẹ́ni. Ìgbà wo ló yẹ kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ìgbà tí ọ̀gá ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí ẹ tó sọ, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ohun tó kù fún ọ̀gá kò ju kó lọ bẹ àwọn tó ń retí ìjábọ̀ náà lọ. Ohun tó sì máa ń dun ọ̀pọ̀ ọ̀gá jù nìyẹn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ dúró ló ń bí wọn nínú, bí kò ṣe pé ó ti dúró láti ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò sì fi tó wọn létí.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó dá yín dúró jẹ́ èyí tí ọwọ́ yín lè tó. Ẹ bi ara yín pé: bí mo bá tún fi wákàtí 3 jókòó tì í, ṣé nǹkan kan máa yí padà? Bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, bóyá kọ̀ǹpútà ń kọ iṣẹ́ tàbí ìṣirò kan kò bá ara mu, ó lè yí padà. Ẹ gbìyànjú fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tó lọ bi ẹlẹgbẹ́ yín tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kò tíì di ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àṣẹ ẹlòmíì ni iṣẹ́ náà ń dúró dè, tàbí àkókò ẹlòmíì, tàbí ìpinnu tí kò sí lọ́wọ́ yín láti ṣe, kò sí bí ẹ ṣe lè laágùn tó tó máa ṣí i. Irú èyí ni ti yín.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ sọ ṣeé ṣírò, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ọkàn yín bá balẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ dé ní aago 4 ọjọ́ Ẹtì. Ká ní lẹ́yìn tí fáìlì bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, yíyẹ̀ ẹ́ wò àti fífi í wé ìwé tó wà lọ́dọ̀ yín á gba odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan, kíkọ ìjábọ̀ á sì gba ìdajì ọjọ́. Ó túmọ̀ sí pé fáìlì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́rú, kí ẹ lè fi gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá ìṣirò dúró sí, tí wọ́n á wá rò pé àwọn ní títí di Ọjọ́rú kí àwọn tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbàgbé pé ọ̀gá náà nílò àkókò. Ó gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí i, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀gá ẹ̀ka kejì bá sọ̀rọ̀, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ rí ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo ìyẹn. Nítorí náà, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá kọ̀wé béèrè fáìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹ tún pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ti ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ ò kánjú, ẹ ò sì pẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìpè ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé kejì lọ. Ìwé lè wọlẹ̀ síbi tí ẹni náà kò ti ní rí i. Tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni, bóyá kò ráyè, tàbí pé kò láṣẹ láti ṣí i. Ohun tí ọ̀gá yín máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá kọ? Tí mo bá ti fẹ́ kọ ọ́, ó máa ń dà bí àwáwí tàbí ẹjọ́.

Ìdáhùn: Ohun tó ń sọ ọ́ di àwáwí ni pé kò sí ohun tí ẹ bẹ ọ̀gá pé kó ṣe nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí:

> Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ó dà bíi pé ìjábọ̀ yẹn fẹ́ fún mi ní wàhálà díẹ̀ o. Àwọn ẹ̀ka ìṣirò owó ò tíì dá wa lóhùn. Mo ṣì ń gbìyànjú ṣá.

Ọ̀gá tó bá ka èyí láàárín ìpàdé méjì á kàn dáhùn pé "Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́," á sì gbàgbé. Kò rí ọjọ́ kankan níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìjábọ̀ náà máa pẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń retí. "Wàhálà díẹ̀" tí ẹ fi pọ́n ọn lé ló fi ewu náà pa mọ́. Ẹ wá wo èyí:

> Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ìjábọ̀ ọjà oṣù mẹ́ta tí ẹ ní kí n mú wá ní aago 4 ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ti dúró, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.
>
> Mi ò tíì rí fáìlì oṣù kẹta gbà lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìṣirò owó. Mo kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì pè wọ́n láàárọ̀ òní. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣí i láìjẹ́ pé ọ̀gá àwọn fọwọ́ sí i.
>
> Bí mo bá rí i gbà kí iṣẹ́ tó parí lọ́la, ìjábọ̀ á pé lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó máa sún di ọ̀sán ọjọ́ Ajé.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ kó tó di ọ̀sán ọ̀la? Bí kò bá ṣeé ṣe, mo lè fi ti oṣù méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ti oṣù kẹta tẹ̀ lé e. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ sí ni màá ṣe. Ti oṣù méjì náà ni mo ń tò lọ́wọ́ báyìí. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ti sọ iṣẹ́ tó jẹ́, ọjọ́ rẹ̀, àti pé ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí kò bá tiẹ̀ ka ìyókù lójú ẹsẹ̀, ó mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbé e jù sẹ́yìn. Ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kò sí "wọn ò kà mí sí," kò sí "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Béèyàn bá ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á kúrò lórí fáìlì, á bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà.

Ẹ̀bẹ̀ tó wà níbẹ̀ tún kéré, ó sì ní àkókò: ọ̀rọ̀ ẹnu kan, sí ẹnì kan, kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Ìyẹn ni mo kà sí ọ̀wọ̀ jù lọ nínú gbogbo lẹ́tà náà, ju "ẹ jọ̀ọ́" lọ, torí pé ẹ ti bá ọ̀gá ronú débi tí iṣẹ́ tó kù fún un kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ẹni tó wà nídìí fáìlì yẹn ṣe àgbà fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá gbọ́ pé mo lọ bá ọ̀gá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ tó lọ. Ohun tó ń ba àárín èèyàn jẹ́ ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ lè pè é pé: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ló ti ń sún mọ́lé, mo sì fẹ́ fi tó ọ̀gá mi létí lọ́sàn-án yìí kí wọ́n lè bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ lórí ìbuwọ́lù yẹn. Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n fi kún un?" Nígbà míì, ìpè yìí nìkan á ti tó, fáìlì á ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sì dé, àgbà náà mọ̀ pé ẹ ò gba ẹ̀yìn òun lọ. Ó lè tiẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú pé ẹlòmíì máa bá òun gba ìbuwọ́lù tí òun náà ń dúró dè.

Ìbéèrè: Ọ̀gá náà ò wá fèsì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ lọ bá a níbi tó wà tàbí kí ẹ pè é, kí ẹ sì dín ọ̀rọ̀ náà kù sí ìbéèrè tó ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn: "Ọ̀gá, ṣé kí n fi ti oṣù méjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì?" Bí ẹ ò bá rí i rárá, ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe àti ìgbà tí ẹ máa ṣe é, pé bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan kó tó di aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, ìjábọ̀ oṣù méjì ni ẹ máa parí. Àmọ́ èyí dára kìkì fún ohun tí ẹ ní àyè láti ṣe, tó sì ṣeé yí padà. Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀gá ṣe àṣẹ láti ná owó, láti pa àkọsílẹ̀ rẹ́ tàbí láti fi nǹkan ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu, tàbí owó ń jò, tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà ti bọ́ síta, ẹ fi gbogbo ìṣirò ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ìpè ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà bá wá là, ẹ fi tó ọ̀gá létí lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà tún lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka kejì lórí ọ̀rọ̀ tó ti parí: "Ọ̀gá, fáìlì ti dé ní aago 11. Ìjábọ̀ á pé lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò owó gbìyànjú gan-an." Kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà yẹn rí gbólóhùn tó kẹ́yìn náà.