Bí wọ́n ṣe ń pín pulọ́ọ̀tì sórí igbó àti oko kókó lápá Ifẹ̀

Ká ní ilẹ̀ tá a fẹ́ ka igi inú ẹ̀ wà lọ́nà Ifẹ̀ sí Oǹdó, 2,000 hẹ́kítà, tí agbára wa ò sì ju 40 pulọ́ọ̀tì lọ, ìyẹn ojú ilẹ̀ kéékèèké tá a ti máa ka igi, 50 mítà sí 50 mítà. Igi tí kì í ṣe kókó la fẹ́ kà. Ẹni tó bá kàn da 40 yẹn sórí máàpù, inú kókó ni púpọ̀ nínú wọn máa bọ́ sí, igbó á kàn rí bíńtín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ pín ilẹ̀ sí ìsọ̀rí látorí àwòrán sátẹ́láìtì: kókó 1,200, igbó 300, oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ tó ń sinmi 500.

Lẹ́yìn ìyẹn, fa gíríìdì sórí máàpù, 200 mítà síra, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ gan-an, gègé ni kó mú un. Ojú kọ̀ọ̀kan dúró fún hẹ́kítà 4, nítorí náà kókó ní ojú bí 300, igbó 75, oko 125.

Mélòó ni ká wá mú níbẹ̀? Tá a bá fi títóbi ilẹ̀ pín in, igbó á gba 6 péré, ó sì kéré, torí inú igbó ni iye igi ti ń yàtọ̀ jù láti ibì kan síkejì. Ẹ kọ́kọ́ ka díẹ̀ wò ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ká ní iye igi ń fi bí 5 yàtọ̀ nínú kókó, 20 nínú igbó, 4 nínú oko (kọ̀ǹpútà á ṣírò ẹ̀, `sd` ló ń jẹ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ R). Ẹ fi í sọ hẹ́kítà di púpọ̀: 6,000, 6,000, 2,000. Tá a bá fi ìyẹn pín 40, ó di 17, 17, 6. Gègé ti igbó nìyí:

```
sample(1:75, 17)
```

Ibi tí wọ́n ti sábà ń bà á jẹ́ ni ìṣirò ìkẹyìn. Ká ní pulọ́ọ̀tì kókó ní igi 8, igbó 100, oko 4. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀ tẹ́ ẹ fi 40 pín in, 46.5 lẹ máa rí, irọ́ gbuu ni, torí a ti mọ̀ọ́mọ̀ kó pulọ́ọ̀tì sínú igbó ju bó ṣe tóbi lọ. Ìpín ilẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n:

```
0.60*8 + 0.15*100 + 0.25*4 = 20.8
```

Tẹ́ ẹ bá dóko, ibi tí jípíẹ̀sì bá gbé yín dé ni kẹ́ ẹ dúró sí, kódà kó jẹ́ inú ẹ̀gún. Àwọn tó ń ti pulọ́ọ̀tì súnmọ́ ọ̀nà ọkọ̀, àwọn igi tí wọ́n ti gé kù lápá ibẹ̀ ni wọ́n ń kà, iye wọn á sì máa wálẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Wàhálà tiwa lọ́hùn-ún tún ni kókó tó wà lábẹ́ igi ńlá, lójú sátẹ́láìtì igbó ló jọ. Ẹ débẹ̀, kókó lẹ bá. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, àmọ́ ìsọ̀rí igbó tẹ́ ẹ ti fà á ni kẹ́ ẹ fi í sí tẹ́ ẹ bá ń ṣírò, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ kókó, torí ìpín 0.15 yẹn látinú máàpù yẹn náà ló ti wá. Tírú ẹ̀ bá pọ̀, èsì ò ní di irọ́, iye tó ń fi yàtọ̀ ló kàn máa gbòòrò sí i.