Ẹ yọ "ó ń wò ó" kúrò nínú ìpolówó yẹn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún rédíò àti fún àwọn tó ń tajà lórí Fesibúùkù àti Wasáàpù, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ n'Íbàdàn níbí. Nínú gbogbo ọjà tí wọ́n ń gbé wá bá mi, èyí tó máa ń gbà mí lákòókò jù ni àfikún oúnjẹ, ìyẹn àwọn kápúsù, páúdà, tíì àti omi inú ìgò tí kì í ṣe oúnjẹ gan-an tí kì í sì í ṣe oògùn. Kò ṣòroó kọ. Ibi tó le sí ni kéèyàn má lọ sọ ohun tí kò lè fẹ̀rí gbè, torí ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílé ẹ̀ á gbà á gbọ́, á sì ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó dọ́wọ́ mi, ká tú u palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan lọ ewé mòríńgà, ó rọ ọ́ sínú kápúsù, 60 nínú ìgò kan, mílígíráàmù 500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kéèyàn máa lo méjì lójúmọ́. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ní kí n kàn bá òun tò ó kó dùn létí. Ohun tó kọ rèé:

"Ṣé èèrà máa ń ṣù bo ìtọ̀ yín? Ṣé ojú yín ti ń ṣú, ẹsẹ̀ ń jó yín bí iná? Ẹ fọkàn balẹ̀! Gbogboǹṣe mòríńgà wa ti dé, àwòtán ni! Ìwádìí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi hàn pé ó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ewé lásán ni, kò lè pa yín lára. NAFDAC ti fọwọ́ sí i. Màmá kan lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, dókítà wá ṣúgà tì lára ẹ̀!"

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Mo ní kó yọ èèrà yẹn, ó ní kí ló dé, òun ò kúkú dárúkọ àrùn kankan. Lóòótọ́ ni, kò dárúkọ ẹ̀. Mo wá pe obìnrin tó ń ta ẹ̀wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa, mo ka ìlà mẹ́ta yẹn sí i létí, mo bi í pé kí ni ọjà yìí ń ṣe. Kò tiẹ̀ ronú, ó ní "ìtọ̀ ṣúgà ló ń wò." Ó parí. Ohun tí etí gbọ́ ni ìpolówó sọ, yálà ẹnu dárúkọ ẹ̀ tàbí kò dárúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn aláṣẹ ṣe máa gbọ́ ọ. Òfin oúnjẹ àti oògùn ti Nàìjíríà ní ìwé kan tó so mọ́ ọn lẹ́yìn, orúkọ àwọn àrùn ló wà níbẹ̀, òfin sì ní èèyàn ò gbọdọ̀ polówó oúnjẹ tàbí oògùn kankan fún gbogbo ayé pé ó ń wo àrùn wọ̀nyẹn tàbí pé ó ń dènà wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé oúnjẹ wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ lára àwọn oníbàárà mi ló rò pé oògùn nìkan lòfin ń bá wí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ àfikún oúnjẹ sétí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọjà náà, tó bá ti lè dárúkọ àrùn kan fún mi, màá padà lọ tún un kọ.

Gbogboǹṣe àti àwòtán náà ní láti lọ. Èdè wa dùn, ẹnì kan á pe ọjà ní gbogboǹṣe bó ṣe máa ki í ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tú u, ó ń sọ pé kò sí àìsàn tí kò wò, àwòtán sì ń sọ pé tó bá ti wò ó, kò ní padà wá mọ́. Ìlérí méjì nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì, kò sì sẹ́ni tó lè fìdí ọ̀kankan múlẹ̀ nínú wọn.

Ibi ìwádìí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn olóòótọ́ pàápàá ti máa ń ṣìnà. Mo ní kó mú ìwádìí náà wá, ó sì mú un wá lórí fóònù ẹ̀, kò parọ́. Àkọ́kọ́, eku ni wọ́n lò ó fún. Èkejì, èèyàn ni, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n fún wọn ní ewé mòríńgà tí wọ́n lọ̀, gíráàmù 8 lójúmọ́ fún 40 ọjọ́, ṣúgà wọn sì wálẹ̀. Inú ẹ̀ dùn, ó ní "ṣé ẹ rí i?" Mo ní ká ṣírò. Kápúsù tiẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 500, méjì lójúmọ́ jẹ́ gíráàmù 1 péré. Kéèyàn tó lè dé gíráàmù 8, ó máa gbé kápúsù 16 mì lójúmọ́, ìgò tó ní kó pé oṣù kan ò ní pé ọjọ́ mẹ́rin. Ó dákẹ́, ó tún un ṣírò lórí fóònù, 60 sí ọ̀nà 16, mẹ́ta àti díẹ̀ ló rí. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tí wọ́n lò nínú ìwádìí ọ̀hún ò pọ̀ rárá, irú ìwádìí kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé ó yẹ káwọn tún wò ó dáadáa ni, kò tíì tó ohun téèyàn máa fi dá aláìsàn lójú. Torí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé "ìwádìí fi hàn" wá, ìbéèrè tí mo máa ń bi í ni pé ta ni wọ́n fún, eku ni àbí èèyàn, èèyàn mélòó, apá wo lára igi náà ni wọ́n lò, ó tó ìwọ̀n wo, fún ọjọ́ mélòó. Tí ìwọ̀n tó wà nínú ìgò yín ò bá ti bá ìwọ̀n inú ìwádìí mu, ìwádìí ọjà ẹlòmíì nìyẹn.

"Ewé lásán ni, kò lè pa yín lára." Ṣé ewé yìí ló ń mú ṣúgà wálẹ̀ àbí kì í ṣe òun? Tó bá lágbára tó bó ṣe sọ, ẹni tó ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó tún wá fi kún un, ṣúgà ẹ̀ lè já sílẹ̀ jù, òógùn á máa bo onítọ̀hún, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú, ó lè ṣubú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè jọ jẹ́ òótọ́ nínú ìpolówó kan ṣoṣo.

Ní ti NAFDAC, ó ní nọ́ńbà lóòótọ́. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n mọ ọjà náà, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa tà á, kò sọ pé ó ń wo nǹkan kan. Mo gbé ìgò tiẹ̀ gan-an, mo yí i, mo fi hàn án lábẹ́, ibi tí lẹ́tà ti kéré, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ọjà yìí ń ṣe wò. Ìgò ń sọ tiẹ̀, rédíò ń sọ òdìkejì. Ẹ tún mọ̀ pé ìyọ̀ǹda láti tà á yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda láti polówó ẹ̀, èèyàn máa gbé ọ̀rọ̀ ìpolówó yẹn fún NAFDAC lọ́tọ̀, àwọn ARCON, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, tó gba ipò APCON nígbà tí òfin tuntun jáde ní 2022, náà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lè jáde lórí afẹ́fẹ́.

Ó wá ku màmá. Mo ní kó pè é kí n gbọ́. Màmá ọ̀hún dáhùn dáadáa, ó ní lóòótọ́ ni ṣúgà òun wálẹ̀. Mo bi í bóyá ó ṣì ń lo oògùn tí dókítà fún un, ó ní "àá, mo ń lò ó ńkọ́," ó tún ní látìgbà tí wọ́n ti sọ fún òun lóun ti dá àmàlà alẹ́ dúró, òun sì ti ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ló mú un wálẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ò lè sọ ọ́, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn wà, ọ̀sẹ̀ méjì sì kéré fún un. Màmá ò parọ́ o. Ìpolówó ló yọ oògùn, àmàlà àti ìrìn kúrò nínú ìtàn ẹ̀.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ẹni ṣeré mọ́, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí mo kọ irú ẹ̀ fún tíì kan, baba kan pe nọ́ńbà tó wà nínú ìpolówó, èmi ni mo gbé e lọ́jọ́ náà, ó ní látọjọ́ Sátidé lóun ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun dànù torí òun gbọ́ lórí rédíò pé ẹnì kan ò lò ó mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó padà sídìí oògùn ẹ̀, mo ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò gbọ́ látọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ohùn baba yẹn ò kúrò létí mi.

Kí ló wá kù téèyàn lè sọ? Ohun tó wà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é, iye tó jẹ́, béèyàn ṣe ń lò ó. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ sọ fítámíìnì, mo ní kó mú èsì láàbù wá tó sọ iye tó wà nínú kápúsù méjì, torí ewé tútù lè ní fítámíìnì C púpọ̀, kí oòrùn àti ẹ̀rọ ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kó tó di páúdà. Kò ní èsì kankan, a ò sì dárúkọ fítámíìnì kankan. Bá a ṣe kọ ọ́ tán nìyí:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ewé mòríńgà, tẹ́ ò ráyè já a, tẹ́ ò ráyè sá a, a ti bá yín ṣe é. Ewé mòríńgà nìkan ló wà nínú ẹ̀, a sá a níbòòji, a lọ̀ ọ́ kúnná, a rọ ọ́ sínú kápúsù. 60 ló wà nínú ìgò, méjì lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Àfikún oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, kò sì wà fún wíwo àrùn kankan. NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn, tàbí tẹ́ ẹ bá lóyún, tẹ́ ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó lò ó."

Mo ní kí ẹni tó máa kà á fi ohùn kan náà kà á dé ìparí, kó má sáré ka ìlà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo tún sọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé kó má fi nǹkan kan kún un lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni "àwòtán" ti máa ń gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé. Ibòmíì tó tún máa ń gbà wọlé ni Wasáàpù, lọ́dọ̀ ọmọ tó ń dá oníbàárà lóhùn, nítorí náà a kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan bi í pé "ṣé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà?" Ọmọ náà kọ ohun tá a fún un: "Rárá mà, àfikún oúnjẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá oògùn yín dúró, kẹ́ ẹ sì fi ìgò yìí han dókítà yín kẹ́ ẹ tó rà á." Obìnrin náà ní kó fi fọ́tò ẹ̀yìn ìgò ránṣẹ́, ó ní ọjọ́ Tọ́sìdeè lòun máa lọ sí kíníìkì, òun á fi han nọ́ọ̀sì.